Ímeèlì tí mo kọ nígbà tí ọjọ́ ìpinnu kọjá tí n kò gbọ́ ohunkóhun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìtajà oògùn ní Èkó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún ìgbà ìkẹyìn, fún ipò àgbà oníṣirò owó. Kí a tó dìde, obìnrin tó ń ṣètò ìgbanisíṣẹ́ wọn sọ fún mi lójú gbogbo ìgbìmọ̀ pé ìpinnu yóò jáde ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé dé, ó sì lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ṣú, ẹnikẹ́ni kò pè mí, ímeèlì kankan kò sì wọlé. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe kọ ímeèlì tí mo fi béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, àti ohun tí mo wá mọ̀ nípa irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí èmi náà di ọ̀kan lára àwọn tó ń jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní kí n má kọ ohunkóhun. Ó ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ ọ, wọn á pè ọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ ọ, ìwé wo lo fẹ́ kọ tí wọn yóò torí ẹ̀ fẹ́ ọ?" Ọ̀rẹ́ mi kan ní tirẹ̀ sọ pé òun mọ ẹnìkan tó mọ ọ̀gá àgbà ibẹ̀, kí n jẹ́ kí òun ní kí ẹni náà bá mi pè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò gba ìmọ̀ràn wọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí pé ímeèlì kì í yí ìpinnu padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fẹ́ yí ìpinnu padà. Ọjọ́ ni mo fẹ́ mọ̀. Ìwé àdéhùn ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà sọ pé mo gbọ́dọ̀ fún wọn ní oṣù kan kí n tó lọ, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí náà mo nílò láti mọ bí nǹkan yóò ṣe tẹ̀léra. Ti ọ̀rẹ́ mi ló léwu jù lójú mi. Bí ọ̀gá àgbà bá sọ̀ kalẹ̀ béèrè orúkọ mi lọ́wọ́ obìnrin tó ń ṣètò, ohun tí yóò rò ni pé mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bí ó bá sì jẹ́ pé èmi gan-an ni ìgbìmọ̀ ti yàn, iyì yíyàn náà ti dínkù nìyẹn.

Kí n tó fọwọ́ kan ìwé, mo kọ́kọ́ rí i dájú pé wọn kò tíì fèsì lóòótọ́. Mo wo inú Spam, nítorí pé ímeèlì tí ẹ̀rọ ìgbanisíṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń bọ́ síbẹ̀. Mo wo àwọn ìpè tí n kò gbé láti Ọjọ́ Ẹtì, pàápàá àwọn nọ́ńbà tí kò ní orúkọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Èkó ṣì máa ń kọ́kọ́ pe ènìyàn lórí fóònù kí wọ́n tó kọ ìwé. Mo tún ronú lórí ohun tí wọ́n sọ gan-an. Bí wọ́n bá sọ pé "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ọ̀rọ̀ náà kò tíì kọjá títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó bá kọ̀wé ní Ọjọ́rú ti ń kánjú. Bí ọlidé bá sì wọ àárín, ó yẹ kí a yọ ọ́ kúrò. Ní àkókò Iléyá, ìjọba àpapọ̀ lè kéde ọlidé ní ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú, ọjọ́ tí ẹni tó ṣèlérí ti fọkàn sí yóò sì sún síwájú láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Nínú ọ̀ràn tèmi, Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dárúkọ, kò sì sí ọlidé kankan. Mo fi odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ìwé ránṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí mo rò pé ariwo tí wọ́n fi ń wọ ọ́fíìsì yóò ti rọlẹ̀.

Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà kò tó ohun tí mo mọ̀ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi mí sínú ìgbìmọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ mi, mo ti rí i pé ọjọ́ tí a ń sọ fún olùwáṣẹ́ máa ń jẹ́ ọjọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ ń retí, kì í ṣe ọjọ́ tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, olúkúlùkù wa yóò kọ máàkì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bí ẹnìkan bá gba Àbújá lọ láì tíì fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ dúró. Bí àwọn fọ́ọ̀mù bá pé, àbá ìgbìmọ̀ pẹ̀lú iye owó oṣù yóò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka ìnáwó àti ọ̀gá àgbà. Bí iye tí ẹni tí a yàn béèrè bá ju èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ipò náà lọ, wọn yóò dá ìwé náà padà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí kẹta ni èyí tí olùwáṣẹ́ kì í sábà rò. Ó lè jẹ́ pé a ti fún ẹnìkan ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, a sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan láti fèsì. Ẹni tó ṣe ipò kejì wà níbẹ̀, a kò lè sọ fún un pé kò rí iṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ lè kọ̀ ọ́. A kò sì lè sọ fún un pé ó rí i. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀lé e kò túmọ̀ sí àìnáání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yàtọ̀ sí i lójú ẹni tó ń dúró.

Nínú gbogbo èyí, ẹni tí olùwáṣẹ́ ń kọ̀wé sí kò ní ìpinnu lọ́wọ́. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni kàlẹ́ńdà. Bí ìwé rẹ bá béèrè pé, "Ṣé mo rí iṣẹ́ náà?" ohun tí kò ní àṣẹ láti sọ lo ń béèrè, yóò sì fi í sílẹ̀ títí ìgbà tí yóò fi ní nǹkan láti sọ. Bí ìwé náà bá béèrè ibi tí ètò dé àti ìgbà tí ẹni náà rò pé yóò parí, ó lè dáhùn ní ìṣẹ́jú méjì láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun yòókù nínú ìwé náà, títí kan ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀, wà láti mú kí ìdáhùn yẹn rọrùn fún un ni.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, mà.

"Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ yọ̀ǹda fún mi ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àṣekágbá fún ipò àgbà oníṣirò owó.

"Ẹ sọ fún mi nígbà náà pé ẹ ń retí kí ìpinnu jáde ní Ọjọ́ Ajé. Mo mọ̀ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gba àkókò ju bí a ti rò lọ. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, àti ọjọ́ tí ẹ rò pé ìpinnu yóò jáde báyìí.

"Iṣẹ́ náà ṣì wù mí, pàápàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí bí ẹ ṣe ń ka oògùn tó wà ní àwọn ilé ìpamọ́ yín ní ìparí oṣù. Bí ó bá ku ìwé kan tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kàn sí àwọn tí mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ láti jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi, ẹ lè pè mí nígbàkígbà.

"Ẹ ṣeun, mà."

Orúkọ mi lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà fóònù mi ni ó tẹ̀lé e, ó parí. N kò bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun. Inú èyí tí obìnrin náà fi pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo ti tẹ Reply, kí àkọlé àtijọ́ má bàa yí padà, kí ó sì lè rí ipò tí mo wá fún, ọjọ́ tí mo wá àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti bá ara wa sọ nísàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ipò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kì í rántí orúkọ gbogbo ènìyàn. Òun nìkan ni mo sì kọ ọ́ sí. Mo ní àdírẹ́sì ọ̀gá ìnáwó tó wà nínú ìgbìmọ̀, nítorí pé ó ti fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi kí a tó pàdé, ṣùgbọ́n n kò fi orúkọ rẹ̀ sí Cc, nítorí pé lójú ẹni tó ń ṣètò, orúkọ ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ yóò dà bí ẹ̀sùn.

Gbólóhùn tó sọ nípa Ọjọ́ Ajé ni mo pẹ́ jù lórí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n fẹnu ara wọn dá ló fún mi ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Láìsí i, ìwé náà yóò dà bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà dúró. Síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dún bí ìbáwí. Mo kọ ọ́ pé wọ́n "ń retí" kí ìpinnu jáde ní ọjọ́ náà, n kò kọ ọ́ pé wọ́n "ṣèlérí," mo sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo tì í lẹ́yìn láti fi hàn pé mo mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. N kò tọrọ àforíjì pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ka irú àforíjì bẹ́ẹ̀ sí ìwà ọmọlúàbí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá tọrọ àforíjì fún ìbéèrè tó tọ́ ti sọ fún ẹni tó ń kà á pé ìbéèrè náà kò tọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó wà nínú "ẹ" àti "mà" ti tó.

Ọ̀rọ̀ nípa kíka oògùn ní ilé ìpamọ́ ní iṣẹ́ méjì tó ń ṣe. Ó ń rán an létí irú ẹni tí mo jẹ́ láàárín àwọn tó wá, ó sì ń fi hàn pé iṣẹ́ tiwọn gan-an ni mo ń rò, kì í ṣe iṣẹ́ èyíkéyìí. Bí mo bá ti fi kún un ju gbólóhùn kan lọ, ìwé náà ì bá ti di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Mo ti ka irú ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà náà. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé òun ti ń retí wa láti Ọjọ́ Ajé tí òun kò sì gbọ́ nǹkan kan, ó sì fi ọ̀gá àgbà sí Cc. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò lo ìyókù àárọ̀ náà láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọ̀gá, kò sì rí àyè kọ èsì sí ọkùnrin náà títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Obìnrin kan kọ̀wé gígùn, ó sọ nípa owó ilé tó ti fẹ́ tó àkókò láti san, ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, àti àdúrà tó ń gbà lórí iṣẹ́ náà. Gbogbo wa ló káàánú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí a lè fi dá a lóhùn, nítorí pé kò béèrè ohun kan pàtó. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sí WhatsApp ẹni tó ń ṣètò. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹni náà ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò burú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, o ti wọ ilé rẹ̀ láìkànlẹ̀kùn nìyẹn.

Èsì tèmi wọlé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Obìnrin tó ń ṣètò ìgbanisíṣẹ́ dúpẹ́, ó ní ìgbìmọ̀ ti fi àbá wọn sílẹ̀, àwọn ń dúró de ìfọwọ́sí láti olú ilé-iṣẹ́, òun yóò sì kàn sí mi kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn túmọ̀ sí pé mo ti wọlé. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé a ti yan ẹnìkan, pé a kò tíì lé mi kúrò, àti pé ọjọ́ tuntun ti wà. Ó dájú pé ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò kọ sí ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó ṣe ipò kejì, nítorí pé òótọ́ ni fún àwọn méjèèjì. Bí ó bá ti kọ ọ́ pé àwọn yóò fi ìwé mi pamọ́ fún ọjọ́ iwájú, ìyẹn ì bá jẹ́ ìdáhùn. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan, láti dúpẹ́ àti láti tún ọjọ́ tuntun náà sọ, kí ó lè wà nínú ìwé.

Ní Ọjọ́ Ajé, ilé-iṣẹ́ kejì fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ ìdáhùn ní Ọjọ́rú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi di Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbà. Ìgbà yẹn ni mo padà sínú ímeèlì àkọ́kọ́ láti kọ ìkejì, tó kúrú ju ti ìṣáájú lọ: "Ẹ káàsán, mà. Mo ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ láti ibòmíràn, wọ́n sì fẹ́ ìdáhùn mi ní Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ̀ yín ni ó wù mí jù. Bí ó bá ṣeé ṣe kí n mọ ibi tí ìpinnu yín dé kí ọjọ́ náà tó pé, inú mi yóò dùn." N kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kejì, n kò sì sọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Irú ìwé yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi halẹ̀. Ìgbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹni ní kíkọ, tí ó ní ọjọ́ tí yóò dópin, ni ó yẹ kí a kọ ọ́, nítorí pé wọ́n lè dá ọ lóhùn pé kí o máa gba tibẹ̀ lọ, o sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí o ń lọ lóòótọ́.

Ká ní n kò ní ìwé mìíràn lọ́wọ́, tí ọjọ́ tuntun tí wọ́n dá sì tún kọjá, màá ti kọ ìwé kejì lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n sì béèrè ọjọ́ nìkan. Màá ti dúró níbẹ̀. Níbi tí a ti ń gbani síṣẹ́, ìwé kẹta kò tíì mú ìdáhùn tí ìkejì kò mú wá, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i, nítorí pé ohun tó dí ọ̀nà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti dá ipò náà dúró títí owó yóò fi wà, ẹni tó ń ṣètò kò sì tíì gba àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo àkókò náà, kí ènìyàn má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa wá òmíràn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, obìnrin náà pè mí. Ó ní òun kò fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí náà kò ní dé kí oṣù tó parí, òun kò sì lè dá mi lójú pé orúkọ mi ni yóò wà lórí rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé kò pọn dandan fún un láti sọ ọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo fọwọ́ sí ìwé ilé-iṣẹ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ti kọ̀wé pé wọ́n rí ìfọwọ́sí mi gbà, mo padà sínú ímeèlì kan náà, mo kọ ọ́ pé mo ti gba iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n jọ̀wọ́ yọ orúkọ mi kúrò, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun àti ìgbìmọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ọ̀gá ìnáwó sí Cc, nítorí pé òun náà fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kò sì sí ohunkóhun nínú ìwé náà tó lè dà bí ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni.